Ẹni Tí Mo Fẹ́rẹ̀ẹ́ Sin Sínú Ìwé

Inú àpò ọ̀rá tí ó fi ń di aṣọ fún oníbàárà ni ìyá aláṣọ tí ó ń gbé ní òdìkejì títì wa ní àdúgbò Broukro kó orí kẹta ìwé rẹ̀ sí nígbà tí ó gbé e wá fún mi. Ó ní, "Tíṣà, gbà. Bá mi tún un ṣe, àmọ́ má sọ ọ́ di tìrẹ."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, ṣé mo máa ń sọ nǹkan ẹlòmíràn di tèmi ni?"

"Olùkọ́ ni ọ́. Bí olùkọ́ bá ti rí ilẹ̀, ó di dandan kó gbá a. Gbá a o, ṣùgbọ́n má gbá ipasẹ̀ mi dànù."

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Èdè Faransé ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ níléèwé ní Bouaké yìí, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ìlú yìí ní kíkà àti kíkọ Yorùbá. Níbẹ̀ ni ìyá náà ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ dáadáa. Láti ìgbà tí ó ti mọ̀wé kọ ni ó ti ń kọ ìtàn ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ọjà bá dá. Àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti pinnu pé àwọn yóò tẹ̀ ẹ́ ní ìwé kékeré fún ẹbí. Mo ti bá a tún orí kìíní àti ìkejì ṣe, èyí tí ó fi sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Kùmáásì àti ìgbéyàwó rẹ̀. Ìyẹn kò ni wá lára.

Orí kẹta ni ẹrù wà. Ìrìn àjò ni ó sọ níbẹ̀: ọdún tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò máa lọ, tí ìdílé ọkọ rẹ̀ di ẹrù wọn, tí wọ́n gba ọ̀nà bọ́dà wá sí ìlú yìí. Nínú àwọn àgbà tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ náà, òun àti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin nìkan ni ó ṣì wà níbi tí a ti lè bi wọ́n ní nǹkan. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ yìí ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Béoumi. Ojú rẹ̀ kò gbé ìwé mọ́, kò sì fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni dá ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yẹn sílẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé ìyàwó àbúrò òun ti kọ ọ́ sínú ìwé, ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n kà á fún òun kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé.

Mo bi ìyá aláṣọ pé, "Bí wọ́n bá ní kò dára ńkọ́?"

Ó ní, "Kò ní wọnú ìwé nìyẹn. Ọkọ mi ni wọ́n. Mi ò lè tẹ ohun tó máa bà wọ́n nínú jẹ́ kí n sì máa rìn káàkiri pẹ̀lú rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀ ni wọ́n dá. Ọjọ́ Sátidé ni ìyá Béoumi yóò wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí àwọn ènìyàn rò pé ẹni tí ó ń tún ìwé ṣe kàn ń wá àṣìṣe kiri ni. N kì í mú gègé nígbà tí mo bá kọ́kọ́ ń ka ìwé ẹlòmíràn. Mo máa ń kà á bí ẹni tí ó jókòó ti onítàn, kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo máa ń mú ìwé òfìfo kan, màá kọ ìwà ọ̀rọ̀ onítọ̀hún sí i. Ti ìyá aláṣọ ni pé oúnjẹ ni ó fi ń ka àkókò. Kò ní sọ pé ọ̀sán ti pọ́n. Ohun tí yóò sọ ni pé, "A ti jẹ ẹ̀bà àárọ̀, a ò tíì rí tọ̀sán, ni a dé ìlú kan." Bí nǹkan bá gùn, yóò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta: "Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń lọ." Kì í sì í dárúkọ àwọn tí ó bá nílé ọkọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìyàwó tẹ́lẹ̀ nìyẹn: orúkọ tí ó bá fún wọn fúnra rẹ̀ ni ó fi ń pè wọ́n. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, Òpéléńgé ni ó ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀ àti nínú ìwé rẹ̀.

Bí mo bá ti mọ ìwọ̀nyí, n kò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Ohun tí ó bá mú kí òǹkàwé sọnù lójú ọ̀nà ni mo ń wá. Ó kọ ọ́ níbì kan pé, "Ó ní ká máa lọ, ó ní òun kò lọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ń sunkún." Ènìyàn mélòó ni ìyẹn? Mo rékọjá títì lọ bi í, ó sì sọ ọ́ fún mi. Mo wá kọ ọ́ báyìí: "Ọkọ mi ní ká máa lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun kò lọ. Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ọmọ ń sunkún." N kò fi ọ̀rọ̀ tèmi kankan kún un. Mo kàn jẹ́ kí a mọ ta ni ta ni.

Níbòmíràn, wọ́n ti dé bọ́dà kí ọkọ̀ tó gbéra ní Kùmáásì. Bí ọkàn rẹ̀ ṣe rántí rẹ̀ ni ó ṣe kọ ọ́. Mo gbé ìpínrọ̀ tí ọkọ̀ ti gbéra síwájú. Ó yẹ kí n wá gbólóhùn kan tí yóò so ó mọ́ èyí tí ó tẹ̀ lé e, mo sì rí i nínú ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀, ní ojú ewé mìíràn, níbi tí kò ti wúlò: "Ẹ̀yìn la kọ sílé, a ò kọ ojú sí ibì kan." Mo gbé e wá síbẹ̀. Ó dúró bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nìyẹn, inú mi sì ń dùn. Bóyá ayọ̀ náà ni ó mú mi kọjá ààlà.

Ìyá aláṣọ a máa ṣe àdúrà sínú ọ̀rọ̀. Kò sí ibi tí yóò ti mẹ́nu kan ọkọ rẹ̀ tí kò ní fi "Ọlọ́run kẹ́ ẹ" tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ tí ó gbé wọn pàápàá. Àdúrà yìí pọ̀ débi pé ó ń dá ọ̀rọ̀ dúró. Gbólóhùn yóò fẹ́ sáré, àdúrà yóò mú un lẹ́sẹ̀. Mo pinnu pé kí ó wà lẹ́ẹ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí a bá kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀, kí ó tó. Nígbà tí mo dé orí Òpéléńgé, mo rí i pé ti tirẹ̀ yàtọ̀. "Níbi tó bá wà" ni ìyá máa ń kọ sí i lára. Mo rò pé ọ̀nà mìíràn láti dárò òkú ni, bí a ti ń sọ pé ẹni ire lọ. Nítorí kí ọ̀rọ̀ lè dọ́gba, mo yọ wọ́n, mo sì fi "Ọlọ́run kẹ́ ẹ" ẹyọ kan sí i bíi ti àwọn yòókù. N kò rékọjá títì lọ béèrè.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gbé ìwé tí mo ti tẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Bí a ti máa ń ṣe ni: mo ń kà sókè, òun ń ká aṣọ tí yóò gbé lọ sọ́jà. Etí ni ó fi ń yẹ iṣẹ́ mi wò. Bí mo bá ka ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò dúró lórí aṣọ.

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró títí mo fi dé bọ́dà. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín níbi tí ọmọ ti ń sunkún. Mo wá kà á pé: "Òpéléńgé, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ni ó bọ́ sílẹ̀ ní gáà ọkọ̀ láti lọ wo èyí tí ó kó ẹrù wa bọ̀ lẹ́yìn."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Tíṣà, ta ló pa á?"

"Ta ni, ìyá?"

"Òpéléńgé. Kò kú nínú ìwé tí mo gbé fún ọ. Ó ti kú nínú èyí tí o gbé dé. Àárín ilé mi sí ilé rẹ, títì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ṣé mọ́tò ló gbá a?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé òun kò rín. Ó gbé aṣọ orí itan rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà náà ni ó sọ fún mi. Ní gáà ìlú tí ó ṣíwájú bọ́dà, Òpéléńgé bọ́ sílẹ̀ kí ó lè mọ ibi tí ọkọ̀ ẹrù wọn dé. Ọkọ̀ tiwọn kò lè dúró, àwọn ọlọ́pàá ń lé e. Wọ́n lọ dúró níwájú. Ọkọ̀ ẹrù dé bá wọn níbẹ̀, ẹrù sì pé, àmọ́ òun kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n rán ènìyàn padà, wọn kò rí i. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹnì kan ní òun rí i ní Wagadúgù. Ẹlòmíràn ní Gánà ni ó padà sí. Àwọn àgbà ẹbí ní kí wọ́n ṣe fìdáù fún un, kí ọkàn gbogbo ènìyàn lè balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyá Béoumi yìí, ni ó dìde láàárín ilé tí ó ní kò sí ohun tí ó jọ ọ́.

Ìyá aláṣọ ní, "Wọ́n ní, 'Ẹ fi òkú hàn mí ná, kí ẹ tó bá mi ṣàdúrà.' Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ Ọlọ́run kẹ́ ẹ sí i létí wọn. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ̀wé, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n bá mi sọ. Wọ́n ní, 'Ìyàwó, kọ ohun tó bá wù ọ́. Má sáà sin àbúrò mi síbẹ̀.'"

Mo ní, "Ìyá, ẹ ò sọ fún mi."

"Mo kọ ọ́ fún ọ! Níbi tó bá wà, níbi tó bá wà, níbi tó bá wà. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? O rò pé mò ń fi yínkì ṣòfò ni?"

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, kí n má parọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé ni a kọ́kọ́ ka ojú ewé yẹn, iwájú ìyá arúgbó kan tí ó ti ń dúró de àbúrò rẹ̀ láti ìgbà tí èmi wà lọ́mọdé ni mo ì bá ti kà á. Orí kẹta yóò sì parí síbẹ̀.

Ìyá aláṣọ rí ojú mi, àánú mi ṣe é. Ó ní, "Kò tíì bàjẹ́. Dá tirẹ̀ padà fún un. Bí àdúrà bá pọ̀ jù, yọ ti àwọn tó kú. Wọ́n ti gbà á, ó tó wọn."

Mo ronú sí i, mo sì rí i pé ìyẹn gan-an kò ní ṣeé ṣe. Mo ní, "Rárá, ìyá. Tiwọn náà ní láti padà. Bí a kò bá gbọ́ Ọlọ́run kẹ́ ẹ lára ọkọ yín nígbà gbogbo, etí ẹni tí ó ń gbọ́ kò ní mọ̀ pé ẹni tí a kò sọ ọ́ sí yàtọ̀."

Ó wò mí pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ó ti yé olùkọ́ mi."

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni mo dá padà. Ibì kan wà tí ó ti ṣàdúrà fún awakọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú gbólóhùn kan, a jọ gbà pé kí ọ̀kan máa lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì ń dùn mí lọ́kàn. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọn kò mọ ìtàn náà, ṣé "níbi tó bá wà" nìkan yóò yé wọn? Èmi tí mo jẹ́ àgbà pàápàá ṣì í gbọ́. Ó yẹ kí gbólóhùn kan wà tí yóò là á. Mo ti ní i lọ́kàn: "A kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè tàbí ó ti kú." Ó mọ́, ó tọ́, ó sì dà bí ìwé ọlọ́pàá. N kò kọ ọ́. Mo bi ìyá ní ìbéèrè dípò rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, bí ọmọ-ọmọ yín kan bá bi yín pé níbo ni Òpéléńgé wà, báwo lẹ ó ṣe dá a lóhùn?"

Kò rò ó rárá. Ó ní, "Màá ní, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀, a ò gbọ́ ikú rẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ ń bẹ nínú ìkòkò."

Mo kọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́, mo kà á padà fún un, mo sì bi í pé ibo ni kí ó wà. Ó ní lẹ́yìn ibi tí ọkọ̀ ẹrù ti dé láìsí i. Ibẹ̀ náà ni èmi ì bá fi í sí.

Ní ọjọ́ Sátidé, ìyá Béoumi dé pẹ̀lú ẹja gbígbẹ lọ́wọ́. Obìnrin tín-ín-rín ni, ó ga, ó mú igi ìtilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìyá aláṣọ kúnlẹ̀ kí i, pẹ̀lú orúnkún tí ń dùn ún.

"Ìyàwó, dìde. Bí o bá kúnlẹ̀ tán, ta ló máa gbé ọ?"

"Ẹ̀yin lẹ máa gbé mi. Ẹ̀yin lẹ gbé mi níyàwó."

"Èmi kọ́, àbúrò mi ni. Èmi ni mo ní o ti kéré jù." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni ó yí orí sí ibi tí ó ti gbọ́ ìmí mi. "Ìwọ ni Tíṣà? Kà á, kí n gbọ́."

Mo kà á. Níbi tí a ti gbé ọmọ lé ìyá aláṣọ lọ́wọ́, ó ní, "Òótọ́ ni, èmi ni mo ní mi ò lọ." Lẹ́yìn díẹ̀ sí i, ó ní, "Ìyàwó yìí, bí o bá ń sọ̀rọ̀, ènìyàn a máa sọnù. Lónìí, mo ń bá ọ lọ, n kò sọnù." Èmi gbọ́, inú mi dùn, n kò jẹ́ kí ó hàn.

Mo dé gáà. "Òpéléńgé, níbi tó bá wà, ni ó bọ́ sílẹ̀." Ìyá aláṣọ kò wo ẹnikẹ́ni, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá Béoumi sọ wẹ́lẹ́ pé, "Àmín." Mo ń kà lọ. Ọkọ̀ ẹrù dé, ẹrù sì pé. Mo wá ka gbólóhùn tuntun náà: "A ò gbọ́ ohùn rẹ̀, a ò gbọ́ ikú rẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ ń bẹ nínú ìkòkò."

Ó gbé igi rẹ̀ sókè díẹ̀. Mo dúró. N kò rántí pé ọ̀rọ̀ ikú wà níbẹ̀ títí mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi.

"Ta ló sọ ìyẹn? Tíṣà ni, àbí ìyàwó?"

Ìyá aláṣọ ní, "Èmi ni, ọkọ mi."

Ìyá Béoumi yí orí sí i. "Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Alákọ̀wé kò ní rántí ìkòkò." Ó gbé igi sílẹ̀. "Kà á lọ."

Nígbà tí mo kà á tán, kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Ó bi mí pé ìgbà wo ni ilé ìtẹ̀wé fẹ́ gbà á. Mo ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ó ní àyè ṣì wà nígbà náà. Ó ní òtútù mú lọ́jọ́ yẹn ní gáà, pé kí Òpéléńgé tó fò sílẹ̀, òun tú gèlè orí òun, òun fi wé e lọ́rùn. Orí òfìfo ni òun fi wọ Bouaké.

Ìyá aláṣọ gbé ojú sókè. "Gèlè? Ẹ ò sọ fún mi rí!"

"O ò bi mí rí."

"Ẹ ní ká má dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀!"

"Lónìí ńkọ́? Ṣé èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀? Tíṣà, kọ ọ́."

Mo mú gègé. Ohùn kejì nìyí tí ó fẹ́ wọnú orí tí ẹlòmíràn kọ, mo sì rò ó kí n tó fọwọ́ kan ìwé. Bí mo bá kọ ọ́ bí ẹni pé ìyá aláṣọ rí i, irọ́ ni. Mo bi í léèrè. Ó ní kí n kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ni ó sọ ọ́, lónìí, lórí àga òun, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo kọ ọ́, mo sì kà á sókè: "Lónìí, lórí àga mi, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní òun fi aṣọ orí òun wé e lọ́rùn nítorí òtútù."

Ìyá Béoumi mi orí. "Aṣọ orí kọ́. Gèlè mi. Èyí tí ó ní òdòdó aláwọ̀ ewé, tí ìyá wa rà fún mi. Kọ gbogbo rẹ̀."

Mo pa gbólóhùn náà rẹ́, mo ní kí ó tún un sọ, kí ó rọra sọ ọ́, kí n lè bá a dé ibi tí ó ń lọ.